Ẹ Jẹ́ Kí Àkọlé Sọ Ẹni Tó Borí

Ìpè sí àwọn olóòtú ìròyìn eré ìdárayá

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ńlá, ẹ lọ síwájú àtẹ fẹ́ńdọ̀ èyíkéyìí ní Ìbàdàn tàbí Èkó. Àwọn tó dúró yí àtẹ ká máa ń pọ̀ ju àwọn tó ń ra ìwé lọ. Àkọlé ni wọ́n ń kà, òun ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, òun náà ni wọ́n máa gbé dé ibi iṣẹ́. Lórí rédíò, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń ka àkọlé kan náà sétí àwọn tí ojú wọn kò ní kan ìwé náà láéláé. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí àkọlé eré bọ́ọ̀lù le, kó sì kúrú, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ka òun nìkan mọ ibi tí eré já sí.

Ọ̀mì tí kì í ṣe ọ̀mì

Ẹ jẹ́ ká mú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Nàìjíríà àti Gánà lọ́dún 2022, nígbà tí wọ́n ń du ààyè sí ife àgbáyé ní Kátà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, wọ́n gbá òdo sí òdo ní Kùmásì. Ní ọjọ́ 29, wọ́n pàdé l'Ábújá. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Thomas Partey gbá bọ́ọ̀lù kan tó yọ́ kọjá lára aṣọ́lé wa, Francis Uzoho. William Troost-Ekong fi pẹnáritì dá a padà kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Eré parí ní 1-1. Òfin ìgbà náà sì ni pé bí góòlù bá dọ́gba lẹ́yìn ìpàdé méjèèjì, góòlù tí wọ́n gbá nílé onílé ló wúwo jù. Gánà ló lọ sí Kátà.

Kí ni ká kọ sókè ìròyìn yìí? Olóòtú kan lè kọ pé: “Nàìjíríà àti Gánà gbá ọ̀mì l'Ábújá.” Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó kà á yóò rò pé nǹkan ṣì kù, pé bóyá wọ́n á tún pàdé. Òmíràn tí inú ń bí lè kọ pé: “Gánà na Nàìjíríà mọ́lé.” Ọ̀rọ̀ náà le, ó sì kúrú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò na ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ka èyí yóò máa wá góòlù tí kò sí. Àkọlé kìíní fi àbájáde pamọ́, èkejì yí i padà.

Ẹ wo ẹ̀kẹta: “Ọ̀mì gbé Gánà lọ sí Kátà.” Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré. Ó sọ bí eré ṣe parí, ó sọ ẹni tó ń tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ ìṣe tó wà níbẹ̀ sì lágbára, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń sọ. Bí ààyè bá wà, ẹ fi “Nàìjíríà jókòó sílé” kún un. Òǹkàwé yóò gbé owó jáde láti mọ bí ọ̀mì ṣe lè gbé ẹnì kan lọ kó sì fi ẹnì kejì sílẹ̀. Ẹ̀rí nìyí pé òótọ́ náà ń ta ìwé.

Àmì pẹnáritì kì í ṣe àmì eré

Ọ̀nà kejì tí àkọlé fi ń ṣini lọ́nà hàn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ṣáájú àṣekágbá ife Áfíríkà, ní Bouaké, ní ọjọ́ 7 oṣù kejì ọdún 2024. Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà gbá a fún 120 ìṣẹ́jú, 1-1 ni. Nàìjíríà wá fi pẹnáritì borí, 4-2. Bí ẹ bá kọ pé “Nàìjíríà na Gúúsù Áfíríkà 4-2,” ẹni tí kò wo eré náà yóò rò pé a gbá góòlù mẹ́rin sáwọ̀n wọn. “Na” kò bá eré yìí mu. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Nwabali mú pẹnáritì méjì, Nàìjíríà wọ àṣekágbá.” Èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sì bùmọ́ ọn.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn kan náà tún kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa ìkánjú. Bí eré ṣe ń lọ sópin, tí Nàìjíríà sì ń fi góòlù kan ṣíwájú, Victor Osimhen gbá èkejì wọlé. Ariwo ta. Ṣùgbọ́n rẹfirí wo àwòrán, ó rí i pé a ti jin agbábọ́ọ̀lù Gúúsù Áfíríkà lẹ́sẹ̀ níwájú ilé wa kí bọ́ọ̀lù tó débẹ̀. Ó fagi lé góòlù náà, ó fún wọn ní pẹnáritì, Teboho Mokoena sì gbá a wọlé. Ohun tó dà bíi 2-0 di 1-1. Ẹni tó ti sáré kéde pé “Nàìjíríà ti wọ àṣekágbá” yóò wá ibi fojú sí. Títí fèrè ìparí yóò fi dún, “ń ṣíwájú” ni ọ̀rọ̀ tó tọ́.

Ohun tí a ń bèèrè

Àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ ìṣe bá góòlù mu. “Na” àti “borí” tó fún ìborí góòlù kan. “Fàgbà hàn” wà fún ẹgbẹ́ tó gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ lórí pápá, kì í ṣe fún ẹni tí oríire gbé wọlé. “Lù bí ẹni lu bàrà” kò gbọdọ̀ jáde àfi tí góòlù bá pọ̀ lóòótọ́. Ní ti “fakọyọ,” ẹ ṣọ́ra fún un: agbábọ́ọ̀lù lè fakọyọ kí ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì náà, wọ́n yan Troost-Ekong ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú ìdíje náà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà pàdánù àṣekágbá, 2-1. Àkọlé tó bá sọ ti àkọ́kọ́ láìsọ ìkejì ti tan èèyàn jẹ.

Ìkejì, ẹ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ ìṣe, kódà bí ẹ kò bá fi sí ìyókù. Bí ẹ bá kọ “Naijiria gba goolu meji,” òǹkàwé kò lè mọ̀ bóyá a gbá góòlù méjì sáwọ̀n wọn ni, àbí àwa la gba góòlù méjì wọlé.

Ìkẹta, kí olóòtú ka àkọlé sétí ẹnì kan tí kò wo eré náà, kó sì bi í ní ìbéèrè méjì: ta ló borí, kí ló sì kàn? Bí onítọ̀hún bá ṣi ọ̀kan dáhùn, kí ó tún un kọ kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé.

Àwọn kan á ní ààyè kò sí. Ẹ wo ohun tó ń gba ààyè: “Ìjà àjàkú-akátá bí Nàìjíríà ṣe gbá ọ̀mì pẹ̀lú Gánà ní pápá ìṣeré Ábújá.” Ẹ yọ ìjà àjàkú-akátá, ẹ yọ pápá ìṣeré, ààyè yóò ṣẹ́kù fún Kátà. Ọ̀ṣọ́ ni kí ẹ gé kúrò, ẹ má gé àbájáde.