ALÁPATÀ GBA ÌWÉ LỌ́WỌ́ DÓKÍTÀ, SÍBẸ̀ WỌ́N DÁ A LẸ́BI

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ lọ́jà, ẹ gbọ́ ohun tójú alápatà kan rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1900. Ọ̀dọ́ abo màlúù kan ló jẹ ewé igi tí wọ́n ń pè ní yúù. Májèlé gidi ni ewé yìí fún ẹran. Alápatà ò fẹ́ wàhálà, ló bá ní kí dókítà ẹran wá yẹ òkú màlúù náà wò. Dókítà wò ó, ó ní kò sóhun tó ṣe é, ó fọwọ́ sí i pé ó dára. Ni alápatà bá pàtẹ ẹ̀. Àṣé ẹran náà ò dáa! Wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n dá a lẹ́bi.

Háà! Ẹni tó ti bèèrè? Bẹ́ẹ̀ ni o.

Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ olè ni, ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ẹni tó gbé agboorùn ẹlòmíì, tó rò pé tòun ni, kì í ṣolè. Ṣùgbọ́n òfin tó ní kéèyàn má ta ẹran bíbàjẹ́ ò bèèrè ohun tó wà lọ́kàn. Ẹran ti bàjẹ́, ó wà lórí àtẹ rẹ, ó parí. Ta ló lè wọnú alápatà lọ wo ohun tó mọ̀? Gbogbo wọn ni yóò máa pariwo “Mi ò mọ̀,” inú ẹni tó ra ẹran ni yóò sì máa run. Oníbàárà ò lè tú ẹran wò. Ẹni tó ń tà á ló mọ ibi tó ti rà á. Owó ìtanràn sì ni ìyà irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́.

Ibi tó dunni jù ni ti dókítà. Wọ́n pe òun náà lẹ́jọ́ pé ó ran alápatà lọ́wọ́, adájọ́ kékeré sì dá a lẹ́bi. Ilé ẹjọ́ gíga yí i padà: ẹni tí wọ́n bá ní ó ranni lọ́wọ́ láti dẹ́ṣẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bá ni ṣe. Dókítà ò fara balẹ̀ ni, kò mọ̀. Ló bá lọ sílé rẹ̀.

Síbẹ̀, òfin yìí ní ààlà. Lọ́dún 1895, wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń ta ọtí nítorí wọ́n ta ọtí fún ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọlọ́pàá ọ̀hún ti tú àmì iṣẹ́ kúrò lápá. Ilé ẹjọ́ gíga dá ọlọ́tí sílẹ̀: kò sí bó ṣe lè mọ̀, bó bá sì bèèrè, ọlọ́pàá náà lè parọ́ fún un.

Ní Nàìjíríà, ẹsẹ 25 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ti gúúsù gba àṣìṣe téèyàn fi òótọ́ inú ṣe, tó sì bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé òfin tó bá kan ọ̀rọ̀ náà gan-an lè mú àwíjàre yìí kúrò.