Lẹ́tà sí Oníṣòwò Táyà: Bí Onímọ́tò Ṣe Ń Bèèrè Ẹ̀tọ́ Lórí Táyà Tó Tètè Jẹ

Wàráńtì táyà kì í sábà jẹ́ ìlérí pé gbogbo owó yóò padà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí táyà bá jẹ kó tó pé iye kìlómítà tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sọ̀yà fún, onímọ́tò yóò san owó ìwọ̀n tó ti lò, ẹni tó tà á yóò sì ru ìyókù. Lẹ́tà tó bá fẹ́ so èso gbọ́dọ̀ fi ohun méjì hàn: pé táyà ló kùnà, kì í ṣe ọkọ̀, àti iye tó tọ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ru.

Oníṣòwò táyà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó ṣe ọjà náà. Míṣẹ́lìn ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Pọ́tá Kọ́ọ̀tù pa lọ́dún 2007, Dọ́ńlọ́pù sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni táyà tuntun ti ń wá. Bí ẹjọ́ bá dé, oníṣòwò ní láti gbé e lọ bá ẹni tó kó ọjà wọlé, ẹni yẹn kò sì ní rí ọkọ̀ náà. Ìwé nìkan ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ ká mú onímọ́tò kan ní Ajégúnlẹ̀, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ra táyà tuntun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦90,000, pẹ̀lú ìlérí 50,000 kìlómítà. Nígbà tí ọkọ̀ rin 20,000 kìlómítà, gbogbo wọn ti jẹ tán.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti wọn bí ìlà ojú táyà ṣe jìn tó, ní inú, ní àárín àti ní ìta. Táyà ọkọ̀ kékeré máa ń ní nǹkan bíi mílímítà 8 nígbà tó bá wà ní tuntun. Bó bá ti ku 1.6, ó ti parí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo bá jẹ, aláínímẹ́ńtì ló bàjẹ́. Bí àárín bá jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá jẹ tí àárín sì kù, afẹ́fẹ́ kò tó. Kò sí wàráńtì fún èyíkéyìí nínú wọn. Ìgbà tí ojú táyà bá jẹ dọ́gba láti inú dé ìta ni onímọ́tò lè sọ pé táyà ló kùnà. Ti onímọ́tò yìí jẹ dọ́gba, 1.6 níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Lẹ́tà rẹ̀ lè lọ báyìí:

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra táyà mẹ́rin lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà rìsíìtì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ìlérí rẹ̀ ni 50,000 kìlómítà, ó sì ti jẹ tán ní 20,000. Wọ́n pààrọ̀ àyè wọn ní 10,000 kìlómítà, wọ́n sì ṣe aláínímẹ́ńtì. Ìwé méjèèjì wà níbí. Mo fi àwòrán ojú táyà, ti nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti ti dáṣíbọ́ọ̀dù sí i. Mo bẹ̀ yín kí ẹ yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì fún mi ní tuntun, kí n san ìwọ̀n tí mo ti lò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì láàárín ọjọ́ 14."

Nínú nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ táyà tí lẹ́tà yìí mẹ́nu bà, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àmì DOT ń sọ ọjọ́ orí táyà: 1423 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2023.

Ìṣirò iye tí onímọ́tò yóò san kò le. 20,000 nínú 50,000 jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí ₦90,000, onímọ́tò yóò san ₦36,000 fún táyà kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wàráńtì ń lo iye tí ọjà ń lọ lónìí. Bí táyà náà bá ti di ₦110,000, yóò san ₦44,000, tí í ṣe ₦176,000 fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; owó fífi sí ríìmù àti bálánsì lè wà lọ́tọ̀. Ó yẹ kó bi oníṣòwò léèrè, iye wo ni wọ́n ń lò, kó tó gbà.

Táyà tí kòtò ojú ọ̀nà là tàbí tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sí nínú ìlérí yìí, bẹ́ẹ̀ ni tókúnbọ̀ kò ní ìlérí kìlómítà kankan. Kò sì yẹ kí fọkanáísà gbé táyà tó jẹ náà lọ kí àyẹ̀wò tó parí, nítorí òun ni ẹ̀rí.

Bí oníṣòwò bá kọ̀ láìsọ ìdí, Òfin Ìdíje àti Ààbò Oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí ọjà dára, kó sì tọ́jọ́ dé ìwọ̀n tó bójú mu. Àjọ tó ń mú òfin náà ṣẹ ń gba ẹ̀sùn. Ẹni tó bá ra táyà tuntun, kó gba rìsíìtì, kó bèèrè ìwé wàráńtì, kó sì kọ kìlómítà ọjọ́ náà sílẹ̀ kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.