Làádà Aṣojú: Ọjà Tí A Pààrọ̀ Kì Í Ṣe Ọjà Tí A Dá Padà

Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń tajà lórí ayélujára máa ń ní aṣojú tí ń bá wọn wá oníbàárà kiri àdúgbò àti ọ́fíìsì. Làádà ni owó iṣẹ́ wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kọmíṣọ́ọ̀nù. Òfin kan sì wà tí àwọn aṣojú wọ̀nyí máa ń kùn sí: kò sí làádà àfi lórí ọjà tí oníbàárà ti san owó rẹ̀ tán, tí kò sì dá padà. Èmi gbà pé òfin náà tọ́. Bí a ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò ni ó ń fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ ilé-iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa kì í sanwó títí ọjà yóò fi dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ọlọ́kadà lè gbé ọjà dé ibẹ̀ kí onílé ti pa fóònù rẹ̀, tàbí kí ó ní owó ti tán lọ́wọ́ òun. Ilé-iṣẹ́ ni yóò san owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀. Bí ó bá tún ti san làádà lọ́jọ́ tí a fi orúkọ sílẹ̀ fún ọjà náà, òfo di méjì. Àwọn aṣojú kan sì wà (ẹ má bínú, òótọ́ ni) tí ń bẹ ẹ̀gbọ́n àti àna wọn kí wọ́n bá wọn bèèrè ọjà ní ìparí oṣù kí iye tí wọ́n tà lè pé. Ẹni tí ń tọ́jú ìwé yóò dá wọn mọ̀: ọjà á kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ìparí oṣù, a ó dá a padà ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù tuntun, nọ́ńbà fóònù kan náà á sì máa yọjú.

Wàyí o, ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní aṣojú kan ní Ìbàdàn ta fáànù 10 ní oṣù Kẹta, náírà 30,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdá 5 nínú 100 ni làádà rẹ̀, ìyẹn náírà 1,500 lórí fáànù kan. Oníbàárà ní ọjọ́ 7 láti dá ọjà padà. Fáànù 6 ti dé ọwọ́ onílé kí ó tó di ọjọ́ 20, owó wọn ti pé. Méjì dé ní ọjọ́ 29. Owó wọ́n pé, ṣùgbọ́n ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ni àkókò ìdápadà yóò parí, nítorí náà làádà wọn di ti oṣù Kẹrin. Wọ́n kọ ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni kẹwàá ṣì jẹ náírà 10,000, làádà rẹ̀ sì ń dúró de owó yẹn. Náírà 9,000 ni owó oṣù Kẹta, kò sí ìrẹ́jẹ kankan níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú mẹ́fà yẹn, ẹnìkan gba tirẹ̀ ní ọjọ́ 12, ó rí i pé abẹ́ fáànù náà ti kán. Ó fi ẹjọ́ sùn, ilé-iṣẹ́ sì gbé òmíràn fún un ní ọjọ́ 17. Kò gba kọ́bọ̀ kan padà. Nínú ìwé, akọ̀wé kọ «a dá a padà» síwájú ti àkọ́kọ́. Ó wá fún fáànù tuntun ní nọ́ńbà tuntun, láìsí orúkọ aṣojú kankan níbẹ̀. Owó aṣojú wá di náírà 7,500. Fáànù wà nílé oníbàárà, náírà 30,000 wà lápò ilé-iṣẹ́, ẹni tí ó so wọ́n pọ̀ ni kò rí nǹkan gbà.

Ohun tí ó yẹ kò le. Kí ọjà tí a fi pààrọ̀ máa gbé nọ́ńbà ti àkọ́kọ́ àti orúkọ aṣojú rẹ̀ lọ́wọ́, kí a sì tún ọjọ́ 7 náà kà láti ọjọ́ tí ó dé. Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ni yóò parí, làádà kò sì ní kúrò nínú oṣù rẹ̀.

Bí oníbàárà bá gba owó rẹ̀ padà ńkọ́, tí ó sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ni ó gbé ọjà tí kò dára wá? Níbẹ̀, èmi ò ní làádà ṣì tọ́ sí aṣojú, nítorí kò sí owó tí a ó ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a má yọ owó ọkọ̀ nínú èyí tí ó ti ṣiṣẹ́ fún, kí a má sì kà á mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí a bá ń wo ẹni tí ọjà rẹ̀ ń padà jù. Kí a tó lè ṣe èyí, ìwé gbọ́dọ̀ ní àyè tí a ó ti kọ ìdí tí ọjà fi padà. Kí aṣojú náà má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ilé-iṣẹ́ nìkan: kí ó kọ ọjọ́ tí ọjà dé, ọjọ́ tí owó pé àti ọjọ́ tí a pààrọ̀ rẹ̀ sínú ìwé tirẹ̀.