Ọ̀rọ̀ Tó Sọnù Láàárín Ọ̀sán Àti Òru

Ní ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje, ọdún 1988, iná run ibùdó epo rọ̀bì Piper Alpha tó wà lójú Òkun Àríwá, nítòsí ilẹ̀ Sikọ́tílándì. Ènìyàn 167 ló kú. Gáàsì ló gbiná, ṣùgbọ́n kí gáàsì tó jò, ọ̀rọ̀ kan ti kọ́kọ́ sọnù láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán àti àwọn ti òru.

Pọ́ńpù méjì ló ń ti gáàsì olómi níbẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n yọ fáàfù ààbò tó wà fún pọ́ńpù kìíní, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ bo ojú ihò rẹ̀ láìdè é le. Ilẹ̀ ṣú, iṣẹ́ kò parí. Ìwé àṣẹ méjì ló wà lórí pọ́ńpù kan ṣoṣo náà: ọ̀kan fún àtúnṣe pọ́ńpù, èkejì fún fáàfù. Ọ̀kan kò mẹ́nu kan èkejì. Nígbà tí pọ́ńpù kejì daṣẹ́ sílẹ̀ lálẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ òru mọ̀ nípa ìwé àtúnṣe, wọ́n sì mọ̀ pé àtúnṣe náà kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n gbìyànjú láti tan pọ́ńpù kìíní. Ibi tí fáàfù náà yẹ kó wà ga ju ibi tí ojú ẹni tó dúró ti pọ́ńpù lè dé. Bí ìwádìí Adájọ́ Cullen, tó jáde ní ọdún 1990, ṣe to ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru ẹni tó gbàgbé láti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ètò tó gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí ẹni tó ti rẹ̀ kì í ṣe ètò. Ìwé ìfiṣẹ́lélẹ̀ tó dára kì í ka iṣẹ́ tó ti parí nìkan. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kó sọ ni ohun tí kò sí ní ipò rẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tàn, ìdí rẹ̀, àti ẹni tí yóò parí rẹ̀. Kí iṣẹ́ méjì tó bá kan ẹ̀rọ kan náà wà lójú ìwé kan náà. Kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ sì jọ dúró níwájú ẹ̀rọ náà, kí ẹni tó ń bọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà sọ.

Síbẹ̀, ìwé nìkan kò tó. Ẹni tí kò ṣe irú iṣẹ́ náà rí kò ní mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi. Ìwádìí náà rí i pé ẹni tó darí iṣẹ́ fáàfù náà kò gba ẹ̀kọ́ lórí ètò ìwé àṣẹ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ òru ti bá ti ọ̀sán yọ fáàfù rí, kí ti ọ̀sán náà sì ti bá ti òru tan pọ́ńpù rí. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ fáàfù rí ni yóò rántí béèrè pé: “Kí ló wà lójú ihò yẹn báyìí?”