BAIPÓLÀ KEJÌ KÌ Í ṢE ÀBÚRÒ BAIPÓLÀ KÌÍNÍ

Èmi nọ́ọ̀sì yín náà ni. Ọ̀rọ̀ òní máa le díẹ̀, ẹ forí jì mí, inú ló ń bí mi.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n ti ń pín ohùn ẹnìkan kiri lórí Wọ́sáàpù. Ó ní oríṣi méjì ni àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní baipólà, pé Kìíní ni ti àwọn tó ń ya wèrè, pé Kejì ò tó nǹkan, inú ẹni tó ní i kàn máa ń dùn, á sì tún máa bàjẹ́, kò nílò oògùn kankan. Ẹni mẹ́rin ló ti fi í ránṣẹ́ sí mi. Irọ́ ni, irọ́ tó sì lè pa èèyàn ni.

Ibi tó ti sọ òótọ́ kò ju ibì kan lọ. Lóòótọ́, ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni bí ara èèyàn ṣe máa ń ga tó nígbà tó bá ga. Ti Kìíní là ń pè ní máníà, ti Kejì là ń pè ní haipománíà.

Máníà kì í fara pamọ́. Mo bá wọn gbé ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò lọ sílé ìwòsàn nígbà kan. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, gbogbo oorun tó sùn kò tó wákàtí mẹ́fà. Ó sọ̀rọ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ó kó páàtì síta, ó ń pín in fún ẹni tó bá ń kọjá, ó ní Ọlọ́run ti fi gbogbo títì Nàìjíríà sábẹ́ òun. Ó bọ́ sí oríta, ó ń darí ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé, ó gbá ẹ̀gbọ́n létí. Ìwé ìlànà àwọn dókítà ọpọlọ sọ pé kí irú èyí tó ọjọ́ méje kí wọ́n tó pè é ní máníà, àfi tó bá le débi pé wọ́n ní láti dá aláìsàn dúró sí ọsibítù. Nígbà náà, a kì í ka ọjọ́ mọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ ga bẹ́ẹ̀, tó tún ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí tó gbà pé òun ló ni títì Nàìjíríà, máníà ni tirẹ̀, kì í ṣe haipománíà. Tí dókítà bá sì ti rí i pé kì í ṣe oògùn olóró tàbí àìsàn mìíràn ló fà á, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó láti pè é ní Baipólà Kìíní, bí ìrẹ̀wẹ̀sì kò tilẹ̀ bá a rí.

Ẹ wá wo aránṣọ kan báyìí. (Mo yí díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Nígbà tí Iléyá ọdún kan ń bọ̀, ó yí padà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wákàtí mẹ́ta ló ń sùn lóru, á sì jí bí ẹni tó sun mẹ́jọ. Ó gba aṣọ ẹbí ìdílé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì rán an tán. Oníbàárà ò rí àyè sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ mọ́. Aago méjì òru ló ń pe èèyàn pé kí wọ́n wá wo ọrùn aṣọ. Ó fi owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra ẹ̀rọ ìránṣọ méjì, ọkọ rẹ̀ ò gbọ́. Gbogbo àdúgbò rí i pé ìwà rẹ̀ kọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n ó ń dáná, ó ń tọ́jú ọmọ, kò gbọ́ ohùn kankan, kò dé ọsibítù. Ọkọ rẹ̀ ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà àwọn. Ta ni yóò gbé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Haipománíà pọ́ńbélé nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìwé ìlànà béèrè, kó wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ jù nínú ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn tó yí i ká sì rí ìyípadà náà. Kì í ṣe inú dídùn ní gbogbo ìgbà o. Ẹlòmíràn, ìbínú ló máa ń jẹ́, á máa kanra mọ́ gbogbo èèyàn, ẹnu rẹ̀ ò sì ní dákẹ́.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn Iléyá tí aránṣọ yìí ò lè dìde wẹ̀ mọ́. Aṣọ oníbàárà ń pọ̀ sí i nílẹ̀, ó ń rù, ó ń sunkún láìmọ ìdí. Ó lé ní oṣù méjì. Ìgbà kẹta rèé láàárín ọdún mẹ́rin. Níbi tó kọ́kọ́ lọ, wọ́n kọ "ìrẹ̀wẹ̀sì" sínú káàdì rẹ̀, wọ́n fún un ní amitíríptílìn nìkan, kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó ṣáájú. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi jù, torí èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wa, máníà ni wọ́n kọ́ wa dáadáa. Díẹ̀ báyìí la gbọ́ nípa haipománíà.

Bẹ́ẹ̀, nínú baipólà, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí a dá lò láìsí èyí tó ń mú ọkàn dúró sójú kan lè ti èèyàn sókè lójijì, tàbí kó da òkè àti ilẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń rìn káàkiri ilé lóru, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ, ìbànújẹ́ náà ò sì lọ. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé yóò sàn fún àwọn ọmọ bí òun ò bá sí. Ìgbà tó wà nílẹ̀ gbalaja, kò lágbára láti ṣe ohun tó ń rò. Nísinsìnyí agbára ti dé.

Ṣé èyí ni wọ́n ń pè ní kékeré? Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003 tẹ̀lé àwọn tó ní Baipólà Kejì fún nǹkan bí ọdún 13. Nǹkan bí ìdajì àwọn ọ̀sẹ̀ ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì lára. Ti haipománíà kò tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ìwádìí kan náà lórí Baipólà Kìíní rí i pé ọ̀sẹ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì tiwọn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nítorí náà, òkè Kejì kò ga, ṣùgbọ́n àfonífojì rẹ̀ gùn. Àwa Yorùbá tá a mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n Táíwò, kò yẹ kí "kejì" tètè tàn wá jẹ.

Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mú un wá bá mi, mo bi í bóyá ìgbà kan wà tí ara rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní rárá, kò sí. Kò purọ́. Lójú tirẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni ara òun yá jù láyé, ta ló ń ka ìyẹn mọ́ àìsàn? Mo yí ìbéèrè padà: "Ìgbà wo lo sùn díẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tí kò sì rẹ̀ ọ́?" Ibi tí gbogbo rẹ̀ wà nìyẹn. Ẹni tí àníyàn tàbí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò jẹ́ kó sùn, yóò máa tòògbé lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó wà nínú haipománíà kì í tòògbé. Kó tó dáhùn, ẹ̀gbọ́n ti fọhùn: "Ti Iléyá yẹn ńkọ́?"

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ gbangba bóyá ó ń rò láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí èèyàn lọ́kàn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. A ò jẹ́ kó dá nìkan lọ, ẹ̀gbọ́n gba gbogbo oògùn ọwọ́ rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an la dé ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ. Ó yọ amitíríptílìn kúrò, ó fi kuẹtiapín sí i. (Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fúnra yín dá oògùn kankan dúró o, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́.) Ó jẹ́ ká mọ̀ pé bí máníà gidi bá fi lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, orúkọ àìsàn náà á di Kìíní, kò sì ní padà di Kejì mọ́.

Ẹ̀gbọ́n ra ìwé kékeré kan, ó ń kọ iye wákàtí tí àbúrò rẹ̀ sùn sínú rẹ̀ láràárọ̀. Lóṣù kan, ó rí i: méje, méje, márùn-ún, mẹ́rin, mẹ́ta. Àbúrò ní ara òun yá gágá, kò sí ohun tó ń ṣe òun. Ọjọ́ karùn-ún náà ni ẹ̀gbọ́n mú un padà wá.