Ilà Etí Ọwọ́ Kì í Ṣe Ìdájọ́ Ikú

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú omijé lójú. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi, ó ní, “Bàbá, ẹ bá mi wo etí ọwọ́ mi. Wọ́n ní ọkọ tí mo fẹ́ fẹ́ kò ní í pẹ́ láyé.” Ẹnì kan tí ń wo ilà àtẹ́lẹwọ́ ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Àwọn ẹbí méjèèjì ti mọ ara wọn, ìdána ku oṣù méjì, ọmọ náà sì ti ń wá ọ̀nà tí yóò gbà kọ ọkùnrin náà sílẹ̀ láìsọ ìdí fún un.

Ẹ̀yin ará mi, èmi kò kọ̀wé yìí láti fi àwọn awolà ṣe ẹlẹ́yà. Mo ti ka ìwé wọn, mo sì ti wo ọwọ́ ènìyàn púpọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ilà kékeré yìí kò lágbára láti ru ẹrù tí wọ́n ń dì lé e lórí.

Bí ẹ bá la àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ó rí ilà ńlá kan tí ó ti etí ọwọ́ ní ìhà ìka tí ó kéré jù lọ bẹ̀rẹ̀, tí ó dábùú òkè àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ìhà ìka tí a fi ń tọ́ka. Ilà ọkàn ni wọ́n ń pe ìyẹn. Láàrin rẹ̀ àti ìdí ìka kékeré ni àwọn ilà kúkúrú wà, ọ̀kan, méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn etí ọwọ́ wọ inú bọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ilà ìgbéyàwó.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀kan nínú ohun tí babaláwo fi ń dá Ifá. Ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn Òyìnbó náà sì ní tiwọn. Èyí tí ó tàn kálẹ̀ jù láàrin àwọn tí ń ka ìwé Òyìnbó ni ti ọkùnrin ará Áílándì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Cheiro, tí ìwé rẹ̀ lórí èdè ọwọ́ jáde ní 1894. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà rẹ̀, ilà tí ó bá súnmọ́ ilà ọkàn ń tọ́ka sí ìgbéyàwó láàrin ọdún 14 sí 21. Èyí tí ó bá wà ní ìdajì ọ̀nà jẹ́ ti ọdún 21 sí 28, èyí tí ó bá sì gòkè dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ ti ọdún 28 sí 35. Bí ilà náà bá là sí méjì ní ìparí, ìpínyà ni. Bí ó bá tẹ̀ wálẹ̀ sí ìhà ilà ọkàn, ẹnì kejì ni yóò kọ́kọ́ kú. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni wọ́n sọ fún ọmọ mi.

Mo ní kí ó padà wá ní òwúrọ̀, nítorí pé iná alẹ́ máa ń sọ òjìji di ilà. Nígbà tí ó dé, mo mú rúlà, a jókòó sí ìta gbangba. Láti ilà ọkàn dé ìdí ìka kékeré rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18. Ní ìlànà Cheiro, ìdajì rẹ̀ wà ní mìlímítà 9, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sì wà ní 13 àti ààbọ̀. Èyí ni pé ọdún méje gbáko há sínú mìlímítà mẹ́rin àti ààbọ̀. Ọdún kan kò tó mìlímítà kan! Ta ni ojú rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ lórí awọ ara tí ń fà tí ó sì ń sún kì?

Lẹ́yìn náà, mo ní kí ó ká ìka kékeré díẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe nígbà tí ẹlòmíràn bá di ọwọ́ wa mú. Ilà náà tẹ̀ wálẹ̀. Mo ní kí ó na ìka náà tán. Ilà náà tọ́, kò tẹ̀ mọ́. Mo wá wo ọwọ́ òsì: ilà méjì ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ó tẹ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀yin náà yóò rí bí awọ etí ọwọ́ ṣe ń ká jọ gan-an ní ibẹ̀. Àwọn ilà ńlá àtẹ́lẹwọ́ ti máa ń hàn lára ọmọ nínú oyún nígbà tí oyún bá tó bí oṣù mẹ́ta. Ojú ibi tí awọ ti ń ká ni wọ́n, kí ọwọ́ lè pa dé.

Ọwọ́ wo ni kí a wá gbàgbọ́? Ní Íńdíà, ọ̀pọ̀ ń wo ọ̀tún ọkùnrin àti òsì obìnrin. Àwọn Òyìnbó púpọ̀ ń wo ọwọ́ tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọ mi jẹ́ obìnrin, ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi ń ṣiṣẹ́: ní ọ̀dọ̀ àwọn kan, opó ni yóò jẹ́, ní ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, kò sí ewu.

Ohun kan tún wà. Cheiro fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ọwọ́ kò mọ ayẹyẹ ìgbéyàwó, pé ipa tí ẹlòmíràn ń ní lórí ayé wa ni ó ń hàn níbẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo awolà há ìyẹn sórí. Bàbá mi fẹ́ ìyàwó mẹ́ta, ilà kan ṣoṣo tí ó jinlẹ̀ ni ó wà létí ọwọ́ rẹ̀. Nínú agbo ilé wa, mo wo ọwọ́ opó mẹ́ta: ẹnì kan ṣoṣo ni ilà rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀. Ìyá àgbà kan sì wà tí tirẹ̀ tẹ̀ jù gbogbo wọn lọ, ọkọ rẹ̀ ṣì ń bá wa jẹun. Ènìyàn mẹ́rin kò tó láti fi gbé òfin kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tó láti dá ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ikú pẹ̀lú ìdánilójú lẹ́kun.

Ìyàtọ̀ tí ó yẹ kí àwa tí a ń bọ Ifá rí nìyí. Bí odù bá hù níwájú babaláwo, a óò di ìbò, a óò bi í bóyá ire ni tàbí ibi, a óò sì bi í ní ẹbọ. Ọ̀nà àtúnṣe wà nínú rẹ̀. Ilà ọwọ́ kò ṣeé bi ní ìbéèrè kejì. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú sí àwọn tí ń wo ilà tán, tí wọ́n ń pe ohun tí wọ́n sọ ní Ifá, tí wọ́n sì ń gba owó láti “pa ilà náà rẹ́”. Ẹni tí ó bá dárúkọ ikú tàbí ọjọ́ rẹ̀ láti ara ilà etí ọwọ́, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Mo wá bi ọmọ mi ní ohun tí awolà kò bi í: “Ẹ ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín bí?” Wọn kò tíì ṣe é. Bí ọkọ àti ìyàwó bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ikú tí ó ṣeé yẹra fún wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó wò ó. Èyí tí kò sí ẹ̀rí fún ni wọ́n ń sunkún lé lórí.

Wọ́n lọ ṣe é. Ọmọ mi jẹ́ AS, ọkùnrin náà jẹ́ AA. Àwọn ẹbí sì ti padà sí ìwádìí tí àwọn alárinà wa máa ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀: irú ilé tí ó ti wá, ìwà rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, bí ó ṣe ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdána náà kò yẹ̀.