Ẹ Yé Jẹ Obì Lórí Ìlà Eré

Bí ọjọ́ eré ìje bá ti pé ní ilé-ìwé wa ní Àkúrẹ́, mo ti mọ ohun tí ojú mi yóò rí. Àwọn tó fẹ́ sá eré ọ̀nà jíjìn yóò dúró sórí ìlà, wọn yóò máa rún obì lẹ́nu, wọn yóò sì da ẹ́nájì díríǹkì lé e. Wọ́n ní agbára ni àwọn ń wá. Mo ní ìpalára ni wọ́n ń wá.

N kò sọ pé irọ́ ni agbára náà. Kaféènì tó wà nínú obì ló wà nínú kọfí àti ẹ́nájì díríǹkì. Ó máa ń dí ọ̀nà mọ́ ohun tó ń sọ fún ọpọlọ pé ó ti rẹ ara, ìyẹn ló fi ń ran asáré lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 60 kí ó tó kún inú ẹ̀jẹ̀. Eré mítà 1500 kì í tó ìṣẹ́jú 10. Ẹni tó gbé e mì lórí ìlà yóò ti parí eré kí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ti ìwọ̀n. Ọmọ kíláàsì mi kan wọn kílóò 50. Ó mu ìgò méjì, mìlílítà 500 ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé mìlígíráàmù 32 kaféènì wà nínú mìlílítà 100. Ìgò kan jẹ́ 160, méjì jẹ́ 320. Bí a bá pín in fún kílóò 50, ó lé ní 6 fún kílóò kan. Asáré tó ti dàgbà gan-an, 3 sábà máa ń tó o. Bó bá ti kọjá 6, kò fi eré kún un mọ́, àìsàn ló ń fi kún un. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà sì ní kí ọ̀dọ́ bíi tiwa má kọjá 100 lójúmọ́, kó má sì mu ẹ́nájì díríǹkì rárá. Ọ̀rẹ́ mi yìí kò tíì jẹun láàárọ̀. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ní ìyípo kejì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bì.

Àwọn kan ní obì kò lè pa ni lára, nítorí pé orí igi ló ti wá. Ì báà wá láti orí igi, ì báà wá láti inú ìgò, kaféènì kan náà ni. Obì tilẹ̀ tún burú sí i: ta ló kọ ìwọ̀n sára awẹ́ obì? Ẹni tó fi í kún ìgò kò mọ iye tó wà nínú ara rẹ̀ mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá máa lò ó, kó kọ́kọ́ dán an wò ní ọjọ́ ìgbáradì. Ṣíbí kékeré kan kọfí nínú ife omi gbígbóná tó, pẹ̀lú búrẹ́dì díẹ̀, ní wákàtí kan ṣáájú eré. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n tàbí inú bá ń run ún, kó fi í sílẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá, ẹ gba obì àti ìgò lọ́wọ́ wọn lórí ìlà.